Ṣé Dandan Ni Ká Fọ Adìẹ Lábẹ́ Ẹ̀rọ Omi?

Nílé wa ní Ìkòròdú, èmi ni mo máa ń fọ adìẹ tútù. Màá ṣí ẹ̀rọ omi lé e lórí, wàà! Ní Sátidé tó kọjá, mo kọ́kọ́ tẹ́ ìwé ìròyìn yí síńkì ká. Nígbà tí mo fi máa fọ̀ ọ́ tán, omi ti ta dé ibi tí kùkúmbà tá a fẹ́ jẹ ní tútù wà!

Kòkòrò àìfojúrí tó ń fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru, bíi sàlìmọnẹ́là, máa ń wà lára adìẹ tútù. Omi kì í pa á, ńṣe ló ń fọ́n ọn ká. Nínú ìwádìí tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2019, wọ́n rí kòkòrò nínú síńkì 6 nínú 10 àwọn tó fọ adìẹ. Iná ló ń pa á, tí ẹran bá jinná dé egungun.

Àbúrò màmá mi ní Ẹ̀pẹ́ bi mí pé, "Èyí tá a pa lọ́jà, tó lẹ́jẹ̀ àti ìyẹ́ lára ńkọ́?" Òótọ́ ni. Ẹ kó oúnjẹ àti àwo kúrò nítòsí. Ẹ bu omi sínú abọ́, ẹ rọra fọ̀ ọ́ níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ fi ọṣẹ fọ abọ́, síńkì àti ọwọ́ yín.

Ní tiwa, kùkúmbà ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ síńkì.