Iṣẹ́ Àfikún Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Iṣẹ́ Oṣù: Bí A Ṣe Lè Ṣe É Láìda Agbanisíṣẹ́

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni ó ń gba iṣẹ́ ṣe fún ẹlòmíràn ní ìrọ̀lẹ́ àti ní òpin ọ̀sẹ̀, kí owó oṣù wọn lè ní àlékún. Kí a tó ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe é láìsí ẹ̀bi, ó yẹ kí a ya ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ méjì sọ́tọ̀, nítorí òfin tí ó de wọ́n kò dọ́gba.

Ẹgbẹ́ kìíní ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ìlànà ìwà tí ó wà nínú Àfikún Karùn-ún Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba tí kì í ṣe oníṣẹ́ ààbọ̀ àkókò kò gbọdọ̀ kópa nínú òwò tàbí iṣẹ́ àdáni kankan. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni òfin náà yọ sílẹ̀. Ìyọ̀ǹda ẹnu láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ẹ̀ka kò lè borí èyí.

Ẹgbẹ́ kejì ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni. Ìwé àdéhùn iṣẹ́ ni ó de àwọn wọ̀nyí jù. Àdéhùn mìíràn ka iṣẹ́ àfikún léèwọ̀ pátápátá. Òmíràn ní kí òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda. Bí ìwé náà kò bá tilẹ̀ sọ nǹkan kan, òṣìṣẹ́ ṣì jẹ agbanisíṣẹ́ rẹ̀ ní gbèsè òtítọ́ àti ìpamọ́ àṣírí.

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ kan. Oníṣirò owó kan ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí ó ń ta sìmẹ́ǹtì. Òun ni ó ń dámọ̀ràn iye ọjà tí a lè tà ní àwìn fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Ènìyàn mẹ́ta wá bá a pé kí ó máa bá àwọn kọ ìwé ìṣirò ní ìrọ̀lẹ́.

Aránṣọ ni ẹni kìíní. Kò ra sìmẹ́ǹtì, kò sì bá ilé iṣẹ́ náà du oníbàárà. Iṣẹ́ yìí kò ní ìṣòro, bí àdéhùn bá ti gbà á láyè.

Ẹni kejì ń ta sìmẹ́ǹtì ní ìlú kan náà. Kí oníṣirò owó yìí kọ̀ ọ́. Ó mọ iye tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ fi ń ra ọjà àti iye tí ó fi ń tà á. Bí kò bá tilẹ̀ la ẹnu, ìmọ̀ yẹn yóò hàn nínú ìmọ̀ràn tí ó bá ń fún ọ̀tá òwò rẹ̀.

Oníbúlọ́ọ̀kù ni ẹni kẹta, òun ni ó sì máa ń tan ènìyàn jẹ. Kì í ṣe ọ̀tá òwò. Oníbàárà rere ni. Ó ń ra sìmẹ́ǹtì ₦3,000,000 ní àwìn lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n bí oníṣirò owó bá ṣí ìwé rẹ̀, tí ó rí i pé ó ń pàdánù, kí ni yóò ṣe? Bí ó bá sọ fún ilé iṣẹ́ rẹ̀, ó tú àṣírí oníbúlọ́ọ̀kù. Bí ó bá dákẹ́, tí ó sì tún dámọ̀ràn àwìn, ó da ẹni tí ó ń san owó oṣù rẹ̀. A kì í jẹ méjì lábà Àlàdé. Kò tíì jí nǹkan kan, síbẹ̀ ìṣòro náà ti wà láti ọjọ́ tí ó ti gba iṣẹ́ náà.

Ohun tí a fi ń dá a mọ̀ nìyí: bí ohun tí ó ṣe ẹnì kan láǹfààní bá lè pa ẹnì kejì lára, tí ọwọ́ rẹ sì wà nínú ìpinnu náà, kọ iṣẹ́ náà.

Lẹ́yìn èyí, kọ lẹ́tà sí agbanisíṣẹ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀. Sọ irú iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe, ọjọ́ àti wákàtí tí o máa fi ṣe é, àti irú oníbàárà tí o kò ní gbà. Béèrè èsì ní kíkọ, kí o sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, nítorí ọ̀gá tí ó gbà lẹ́nu lónìí lè ti kúrò lọ́la.

Má ṣe fi kọ̀ǹpútà, íńtánẹ́ẹ̀tì tàbí àkókò ilé iṣẹ́ ṣe iṣẹ́ àfikún. Bí aránṣọ bá ń pè ọ́ ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, sọ fún un pé ó di ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀ràn náà lè yí padà pẹ̀lú. Bí aránṣọ yẹn bá bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé ìtajà, tí ó sì wá ra sìmẹ́ǹtì ní àwìn lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ náà, òun náà ti bọ́ sí ipò oníbúlọ́ọ̀kù. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni kí oníṣirò owó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ ní kíkọ, kí ó fi ìpinnu àwìn náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, tàbí kí ó dá ìwé aránṣọ padà.