Ẹnu Ẹ̀rọ Tí Mo Ṣí Sílẹ̀ ní Hòtẹ́ẹ̀lì

Ìtàn yìí kò bu iyì kún mi, ṣùgbọ́n ó lè wúlò fún ẹni tí ó bá wọ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì àti fún ẹni tí ó ni ín.

Ìpàdé àwa olùkọ́ ni ó gbé mi dé Ìbàdàn, mo sì wọ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì oníyàrá 16 kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá ìwé kan lára ilẹ̀kùn: “Ẹ̀yin àlejò wa, kò sí iná, kò sí omi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara dà á. A ń ṣe ètò.” Mo ṣí ẹnu ẹ̀rọ balùwẹ̀, omi kò tilẹ̀ kán. Mo fi ìbínú jáde lọ sí ìpàdé, n kò sì tì í pa.

Láago 9, ètò tí wọ́n wí dé: ọkọ̀ olómi já 4,000 lítà sínú táǹkì. Ẹnu ẹ̀rọ mi ń da nǹkan bí lítà 10 nù ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó fi di aago 3 ọ̀sán, 3,600 lítà ti bá ibẹ̀ lọ. Ìyá ọlọ́mọ kan ní yàrá kejì kò rí omi fọ ìgò wàrà ọmọ rẹ̀. Ojú tì mí, mo sì bẹ̀ ẹ́.

Mo bi alábòójútó pé, “Ẹ ṣe ní jẹnẹrétọ̀ tí omi kò sì sí?”

Ó ní, “Tíṣà, tíransífọ́mà àdúgbò ló bàjẹ́. Jẹnẹrétọ̀ wa kéré. Nígbà tí pọ́ǹpù kànga bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dìde, iná tí ó ń fà pọ̀ ní ìlọ́po ìlọ́po ju èyí tí ó ń lò bí ó bá ti ń yí lọ. Bí a bá so ó mọ́ ọn, jẹnẹrétọ̀ á kú.”

Mo ní, “Ẹ kò kọ èyí sínú ìwé yín.”

Ó rẹ́rìn-ín: “Ẹ bá wa kọ ọ́, sà.”

Ohun tí a jọ kọ nìyí: “Tíransífọ́mà bàjẹ́, nítorí náà pọ́ǹpù wa kò ṣiṣẹ́. Jẹnẹrétọ̀ yóò tan iná láti aago 7 alẹ́ sí aago 6 òwúrọ̀. Ẹ má fi áyọ́ọ̀nù sí i. Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi mẹ́ta ni a ó máa gbé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Omi ọkọ̀ kì í ṣe omi mímu. Ẹ gba omi mímu lọ́dọ̀ wa. Ẹ ti ẹnu ẹ̀rọ pa, bí omi kò tilẹ̀ yọ.”

Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan gba 20 lítà. Bí ènìyàn méjì bá wà ní yàrá kọ̀ọ̀kan, àwọn 32 yóò lo 1,920 lítà lójúmọ́. Táǹkì tí mo fi wákàtí mẹ́fà dà nù ì bá tó gbogbo wa fún ọjọ́ méjì.

Láti ọjọ́ náà, bí n bá ṣí ẹnu ẹ̀rọ tí omi kò yọ, n kì í kúrò níbẹ̀ láìtì í pa.