Bí A Ṣe Ń Gé Orin Ṣe Ohùn Ìpè Fóònù

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní àgbègbè ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ọ̀tà àti Ṣàngó-Ọ̀tà mọ bí ariwo ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ọkọ̀ àjàgbé ń kọjá lójú títì Èkó sí Abẹ́òkúta, jẹnẹrétọ̀ ń dún, ẹ̀rọ kò sinmi. Bí fóònù kan bá dún, èèyàn mẹ́wàá á tọwọ́ bọ àpò, nítorí ohùn kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi fẹ́ fi orin tí wọ́n fẹ́ràn ṣe ohùn ìpè. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú èyí tí a ń gé fúnra wa ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìró "ta!" bí ẹni ṣẹ́ igi, tí ó sì ń já lójijì níparí. A fẹ́ ṣàlàyé ohun tó ń fà á, àti bí a ṣe lè yẹra fún un.

Ẹ jẹ́ ká mú orin jùjú ṣe àpẹẹrẹ. Nínú ọ̀pọ̀ àwo tí Ebenezer Obey àti King Sunny Adé ṣe ní àwọn ọdún 1970, orin kan ń wọ inú òmíràn láìsí ìdánudúró, títí ojú àwo kan yóò fi parí. Kò sí ibi tó dákẹ́ tí a lè fi ọ̀bẹ sí. Nítorí náà, ibi tí ìlù tàbí ohùn tuntun ti bẹ̀rẹ̀ ni kí a wá, kí a sì gé e ṣáájú rẹ̀ díẹ̀ báyìí. Ẹ yan ibi tí gìtá, agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tàbí lílé orin ti hàn ketekete. Ẹnu fóònù kéré. Kò lè gbé ohùn ìsàlẹ̀ tó wúwo jáde, ariwo títì á sì bo ìyókù mọ́lẹ̀.

Ètò kan wà lórí kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní Audacity, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ṣí orin náà nínú rẹ̀. Ẹ ó rí àwòrán ìró tó ń lọ sókè tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ lára ìlà kan láàárín. Ká sọ pé lílé tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú àáyá 12. Ẹ fa àmì láti ibẹ̀ dé ìṣẹ́jú àáyá 37. Ìyẹn jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 25, ó sì tó. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ lẹ́tà Z.

Iṣẹ́ lẹ́tà yìí ló ṣe pàtàkì jù. Bí a bá gé ìró nígbà tó wà lókè, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde á fò láti ìdákẹ́jẹ́ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, fífò yẹn gan-an ni "ta!" tí à ń gbọ́. Z ń sún etí méjèèjì lọ síbi tó sún mọ́ wọn tí ìró ti ń kọjá lórí ìlà àárín. Ẹ tẹ Ctrl+C láti dà á kọ, Ctrl+N láti ṣí ojú ewé tuntun, kí ẹ sì fi Ctrl+V lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ẹ mú ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá níbẹ̀rẹ̀, kí ẹ lo Fade In fún un. Ẹ má jẹ́ kó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ìlù àkọ́kọ́ má bàa rọ.

Ní ti ìparí, ẹ jẹ́ kí olórin parí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ná. Ẹ mú ìṣẹ́jú àáyá 3 tó kẹ́yìn, níbi tí ohun èlò ti ń dáhùn, kí ẹ lo Fade Out. Ohùn á rọlẹ̀ wọ̀ọ̀ títí yóò fi dákẹ́. Bí ẹ kò bá tíì gbé ìpè náà, fóònù á tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí, ìrọlẹ̀ yìí ni kò ní jẹ́ kó dà bí ẹni kọsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú àáyá 10 ṣe é, láàárín ariwo Ṣàngó, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ìdákẹ́jẹ́, ìpè lè kọjá níbẹ̀.

Ẹ lo Export Audio láti fi pamọ́ bíi MP3. Lórí fóònù Android, inú àpò tó ń jẹ́ Ringtones ni kí ẹ gbé e sí, kí ẹ tó yàn án nínú ètò ohùn fóònù náà.

Kí ẹ tó lò ó, ẹ fi gbohùngbohùn etí gbọ́ ọ. Bí "ta!" ṣì wà, ibi tí ẹ gé kò sí lórí ìlà. Bí ẹ bá gbọ́ ìrù ọ̀rọ̀ tó ṣáájú, ẹ ti gé e kánjú. Ẹ sún un síwájú díẹ̀. Bí ìlù àkọ́kọ́ bá dún bí ẹni tí kò léyín, ẹ ti gé wọ inú rẹ̀. Ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹnìkan pè yín nígbà tí ẹ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́, tí fóònù wà nínú àpò. Bí ẹ bá gbọ́ ọ níbẹ̀, ó ti dára.