Béèlì Wà, Onídùúró Ni Kò Sí

Ká ní wọ́n fẹ̀sùn olè jíjà kan ọmọ iṣẹ́ fọganáísà kan l'Ékòó, tó sì ní òun kò jẹ̀bi. Adájọ́ Májísíréètì lè fún un ní béèlì ₦100,000 pẹ̀lú onídùúró méjì. Ọ̀pọ̀ ẹbí á máa sáré wá owó kiri.

Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ìwé ni onídùúró máa ń fọwọ́ sí, pé olùjẹ́jọ́ yóò máa yọjú sí kóòtù. Bó bá sá lọ ni wọ́n tó lè gba owó náà lọ́wọ́ onídùúró.

Irú ẹni tí kóòtù ń fẹ́ gan-an ni ìṣòro. Wọ́n lè ní kó níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, kó máa gbé nítòsí kóòtù, kó sì mú ìwé owó orí ọdún bíi mélòó kan wá. Ìyá ọmọ yìí ń ta ata lọ́jà. Ó ń san owó ọjà lójoojúmọ́, àmọ́ kò ní ìwé owó orí kankan. Ẹ̀rù sì ń ba lánlọ́ọ̀dù. Bí wọ́n bá tiẹ̀ rí onídùúró, òṣìṣẹ́ kóòtù gbọ́dọ̀ lọ wo ilé rẹ̀. Títí ìyẹn á fi parí, Kírìkírì lọmọ wà, láìtíì jẹ̀bi. Ìwà ìkà nìyẹn.

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 lórí ẹjọ́ ọ̀daràn sọ pé béèlì kò gbọdọ̀ nira jù, àti pé wọn kò gbọdọ̀ kọ obìnrin ní onídùúró torí pé ó jẹ́ obìnrin. Lọ́yà lè bẹ kóòtù pé kó dín àwọn ohun tó béèrè kù.