Tíṣà Àgbà àti Àjẹ́ńtì Ẹlẹ́nu Dídùn

Àjẹ́ńtì náà mọ ọ̀sẹ̀ tí owó ìfẹ̀yìntì máa ń wọlé. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló wá sí ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì kan n'Íbàdàn, tó sì jókòó ti ìyá kan tó fi ọdún 35 kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Òrùlé ilé ìyá náà ń jò.

"Mọ́mì, ₦300,000 ti wà nílẹ̀ fún yín. Èlé rẹ̀ ò ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ kàn bu ọwọ́ lù ú."

Ìyá ní àwọn máa kọ́kọ́ bi ọmọ àwọn. Ó ní kí wọ́n pè é níbẹ̀. Wọ́n ní owó náà ti pọ̀ jù. Ó ní òun lè dín in kù. Gbogbo àwáwí wọn ló ní èsì. Àìsí fọ́tò pélébé lọ́wọ́ ni kò jẹ́ kí wọ́n bu ọwọ́ lù ú lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n mú báírò. Ìdá márùn-ún tí àjẹ́ńtì ń wí, ti oṣù kan péré ni. Orí odidi ₦300,000 ni wọ́n sì máa ka èlé náà lé fún oṣù 12, bó ti wù kí wọ́n ti san tó. ₦15,000 lóṣù, ₦180,000 lọ́dún. Tó bá fi máa di oṣù tó kẹ́yìn, ojú owó tó kù ò ní ju ₦25,000 lọ, síbẹ̀ èlé oṣù yẹn ṣì jẹ́ ₦15,000. Ká ní orí gbèsè tó ṣẹ́ kù ni wọ́n ń ka ìdá márùn-ún kan náà lé ni, ₦97,500 ni àpapọ̀ èlé ì bá jẹ́.

Wọ́n tún máa yọ ₦18,000 ṣáájú, fún fọ́ọ̀mù àti ìbánigbófò. ₦282,000 ló máa wọ ọwọ́ ìyá. ₦480,000 ni wọ́n máa san.

Ìbuwọ́lùwé náà ò sì kéré. Láti ọdún 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti fàyè gba báńkì tó yáni lówó pé, bí ẹni tó fọwọ́ sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ò bá san, kó fa owó náà nínú àkáǹtì rẹ̀ mìíràn tó so mọ́ BVN.

Nígbà tí àjẹ́ńtì padà dé, ìyá ò ṣe àwáwí kankan.

"Mi ò yá a, ọmọ mi."

"Kí ló dé, Mọ́mì? Ṣé èlé yẹn ni?"

"Mi ò ṣáà yá a."

"Ọ̀la ni àǹfààní yìí máa parí o!"

"Ó dáa. Mi ò yá a."

Wọn ò sọ ìdí, kò sì rí ohun tó máa fèsì sí. Ó ní kí wọ́n kúkú ka BVN wọn fún òun, kí òun fi yẹ̀ ẹ́ wò lásán. Wọn ò kà á.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n yá ₦120,000 lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí wọ́n ti ń dá owó sí tipẹ́. Pánù orí yàrá nìkan ni wọ́n fi pààrọ̀. Ti pálọ̀ di ọdún tó ń bọ̀.