Ẹ Kú Àná: Ọ̀rọ̀ Abẹ́ Àwòrán Lẹ́yìn Òde

Lọ́jọ́ kejì ìnáwó, kí àwọn tó fẹ́ wá tú kánópì tó dé, àlejò ti máa ń yà lọ́dọ̀ onínàáwó. Àtẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń kí i: “Ẹ kú àná o. Ẹ kú ìnáwó. Gbogbo ilé ló kún fọ́fọ́ lánàá! Àṣèyí ṣàmọ́dún.” Onínàáwó náà á dáhùn: “Àṣẹ o. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ wá, ẹ kú ewu ọ̀nà.” Ẹ wo ohun tó wà nínú ìkíni kékeré yẹn. Ọpẹ́ wà níbẹ̀, ìrántí ohun tí ojú rí wà níbẹ̀, ọjọ́ tó ń bọ̀ náà sì wà níbẹ̀. Ohun mẹ́ta yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ máa ń kọ sábẹ́ àwòrán lórí Instagram àti Facebook lẹ́yìn òde ń wá. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń kíni kú àná ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà.

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń kọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún régberégbe wa ní Ìjẹ̀bú Òde, lẹ́yìn Ojúde Ọba. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba. Ìdúpẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀: àwọn Mùsùlùmí Ìjẹ̀bú lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ pé ó gbà wọ́n láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Lónìí, gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú ló ń lọ, yálà Mùsùlùmí ni tàbí Kìrìsìtẹ́nì. Àwọn ìdílé Balógun máa ń gun ẹṣin wọlé, àwọn régberégbe, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, bíi Bọ́bagúnwà, Gbọ́banìyí àti Jagunmólú, á sì tò tẹ̀lé ara wọn nínú aṣọ ẹgbẹ́. Iléeṣẹ́ ńlá ń gbọ̀wọ́ fún ọdún náà lápapọ̀. Globacom ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n régberégbe kọ̀ọ̀kan náà ní àwọn onígbọ̀wọ́ tirẹ̀: ẹni tó san owó ìlù, ẹni tó gbé omi wá, ẹni tó ya ẹgbẹ́ ní bọ́ọ̀sì. Àwọn wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, nítorí àwọn la máa ń gbàgbé.

Èmi náà ti gbàgbé rí. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo kọ ọ́, mo to orúkọ iléeṣẹ́ tó fún wa lówó, mo to orúkọ àwọn olóyè ẹgbẹ́, mo sì fi “àti gbogbo àwọn tó ràn wá lọ́wọ́” parí rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ pè mí. “Àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ. Ta ló fún wa lómi tá a mu nínú oòrùn yẹn?” Ẹnu mi wọhò. Alhaji kan ni, àgbàlagbà tó ti ilé rẹ̀ kó àpò omi ọ̀rá 40 wá, tó sì dúró ti omi náà títí ẹni tó kẹ́yìn fi mu. Ẹgbẹ̀rin ọ̀rá omi nìyẹn, nítorí 20 ló wà nínú àpò kan. Kò sí orúkọ rẹ̀ níbì kankan. “Gbogbo àwọn tó ràn wá lọ́wọ́” kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kankan.

Láti ìgbà náà, mi ò dúró dẹ ọjọ́ kejì kí n tó kó orúkọ jọ. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú Ojúde Ọba ni mo máa ń gba ìwé lọ́wọ́ akápò, tí màá kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tí onítọ̀hún ṣe gan-an, bó ṣe fẹ́ ká kọ orúkọ òun, àti orúkọ tó ń jẹ́ lójú òpó rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló máa ń kó bá èèyàn jù. Bí lẹ́tà kan bá ṣìnà lẹ́yìn àmì @, ẹlòmíì tí kò mọ ohunkóhun nípa wa ni ọpẹ́ náà máa lọ bá. Nítorí náà, bí mo bá ti gbé e jáde, mo máa ń fọwọ́ tẹ orúkọ kọ̀ọ̀kan láti wo ilé ẹni tó gbé mi dé. Lára ọ̀rọ̀ tí mo bá sì kọ, mo máa ń fi iṣẹ́ ti orúkọ. “A dúpẹ́ lọ́wọ́ Lágbájá” kò tó. “Lágbájá ló san owó ìlù” ni ẹni tó wà níbẹ̀ máa kà, tí á sì rántí pé lóòótọ́, ìlù yẹn dùn.

Ibi tí ọpẹ́ wà ṣe pàtàkì bákan náà. Lórí Instagram, èèyàn lè kọ tó lẹ́tà 2,200, ṣùgbọ́n nǹkan bíi lẹ́tà 125 àkọ́kọ́ ló máa ń hàn kí ẹni tó ń kà á tó tẹ̀ ẹ́ láti rí ìyókù. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń fi àyè kékeré yẹn ṣòfò. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Ọpẹ́ àti ìyìn ni fún Ọlọ́run Ọba Olódùmarè tó dá ẹ̀mí gbogbo wa sí láti rí ọjọ́ òní”, àyè á sì ti tán kí a tó mọ òde tí wọ́n ń sọ. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tọkàntọkàn, ìlà kejì ni mo máa ń fi í sí. Ìlà kìíní ni fún ẹni tó ń fi ìka wọ́ ojú fóònù rẹ̀ kọjá: kí ó mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ibi tí a lọ, àti ohun kan tí ojú rí níbẹ̀.

Ní ti àwòrán, Instagram gbà kí a to 20 papọ̀. Mi ò tíì kọjá mẹ́jọ. Ojúde Ọba ọdún 2024 kọ́ wa bí ẹyọ àwòrán kan ṣe lágbára tó: Farooq Oreagba lórí ẹṣin, àwòrán náà sì dé ibi tí orúkọ Ìjẹ̀bú Òde kò tíì dé rí. Mo máa ń wá ẹyọ kan tí ojú èèyàn wà nínú rẹ̀ fún àkọ́kọ́, kì í ṣe bánà. Àwòrán onígbọ̀wọ́ á wà láàárín, níbi tí àwọn èèyàn ti ń lo ohun tó fún wa. Alhaji pẹ̀lú omi rẹ̀ dára ju pátákó orúkọ lọ.

Àwòrán kan wà tí mo máa ń yọ kúrò, bó ti wù kó dùn tó: níná owó. Òfin báńkì àgbà Nàìjíríà ti ọdún 2007, ní abala 21, sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí èèyàn fọ́n náírà ká tàbí kó jó lórí rẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ kò dín sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín sí 50,000 náírà, tàbí méjèèjì. Ẹni tó gbé àwòrán náà jáde pẹ̀lú orúkọ ọlọ́lá nísàlẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹ̀rí sílẹ̀ lòdì sí àlejò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń béèrè lọ́wọ́ òbí kí n tó lo àwòrán ọmọdé.

Ọjọ́ tó ń bọ̀ ló le jù nínú iṣẹ́ yìí fún àwa ará Ìjẹ̀bú, nítorí òṣùpá ló mú un dání. Ọdún òṣùpá fi ọjọ́ 10 tàbí 11 kéré sí ti kàlẹ́ńdà ara ògiri, ìdí nìyẹn tí Iléyá fi máa ń tètè dé sí i lọ́dọọdún. Ojúde Ọba bọ́ sí ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ní 2024. Ní 2025, ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ni. Ẹni tó ń kọ̀wé lọ́jọ́ kejì rẹ̀ lè ka ọjọ́ 10 tàbí 11 sẹ́yìn, yóò sì bọ́ sí ọjọ́ 28 tàbí 29 oṣù karùn-ún 2026. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí oṣù tán la tó mọ èyí tó jẹ́ gan-an, ìyẹn sì kù bí ọjọ́ mẹ́wàá kí Iléyá dé. Ọdún kan wà tí mo fi ẹyọ ọjọ́ kan ṣoṣo síbẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù sì ra tíkẹ́ẹ̀tì lé e lórí. Ọjọ́ kan ló fi yàtọ̀, owó ló fi yí i padà. Nísinsìnyí, “ọjọ́ kẹta Iléyá” ni mo máa ń kọ ṣáájú, kí n tó kọ ọjọ́ tí a fojú sọ́nà fún.

Mo sì máa ń ṣọ́ra kí n má ṣèlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ wa. Kábíyèsí Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tó gorí ìtẹ́ ní 1960, wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù keje 2025, ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré lẹ́yìn Ojúde Ọba ọdún náà. Ó dùn wá gan-an. Ẹgbẹ́ tó bá ti kọ ọ́ pé ọwọ́ Kábíyèsí náà ni a ó tún ti gba àdúrà lọ́dún tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ di ohun tó ń dunni láti kà.

Bí mo bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, báyìí ni ọ̀rọ̀ kan ṣe máa ń rí lọ́wọ́ mi, tí mo fi orúkọ àfijọ sí:

“Ẹ kú àná o! Àwa 214 la jó dé iwájú ààfin ní Ojúde Ọba lánàá, nínú sányán àti fìlà aró.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé oòrùn ni, kì í ṣe òjò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Èkó, Ìbàdàn àti òkè òkun wá, ẹ kú ewu ọ̀nà. Alhaji Lágbájá ló gbé omi wá, ìyẹn ni ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dákú. Iléeṣẹ́ Làkásègbè ló san owó ìlù. Ìyá Tàmẹ̀dò ló dá wa ní bọ́ọ̀sì. Ẹ ṣé o, a ò ní gbàgbé.

Àṣèyí ṣàmọ́dún: ọjọ́ kẹta Iléyá, ní ìparí oṣù karùn-ún 2026. A ó kéde ọjọ́ náà gan-an bí oṣù bá ti lé.

#OjudeOba2025”

Ẹ ó rí i pé mo fi àmì sórí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mi ò fi sí èyí tó wà lẹ́yìn #, nítorí báyẹn ni àwọn èèyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń wá a. Ọjọ́ tó ń bọ̀ náà wà nínú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, kì í ṣe nínú àwòrán nìkan, kí afọ́jú tí fóònù ń kàwé fún lè gbọ́ ọ.

Ọ̀la òde ni mo máa ń gbé e jáde, kí ọ̀sán tó pọ́n. Bí ọjọ́ mẹ́rin bá ti kọjá, ẹ kú àná kò bọ́ sí i mọ́. Lọ́dún kejì àṣìṣe mi, mo mú fóònù lọ sílé Alhaji, mo sì ka ìlà tí orúkọ rẹ̀ wà sí i létí, nítorí kì í lo Instagram. Ó ní kí n tún un kà. Lẹ́yìn náà ló pe ìyàwó rẹ̀ láti inú ilé pé kó wá gbọ́.