Bí Eyín Àgbà Bá Yọ, Má Jẹ́ Kó Gbẹ

Ká sọ pé ọ̀dọ́ kan ṣubú lórí ọ̀kadà ní Mowe, tí eyín iwájú rẹ̀ sì yọ tegbòtegbò. Bí ó bá kó sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ ní Ibafo, wákàtí kan lè kọjá kí ó tó rí oníṣègùn eyín. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà láàyè lára gbòǹgbò eyín ni ó ń so ó mọ́ egungun. Bí eyín bá wà ní gbígbẹ fún ìṣẹ́jú 30, awọ yìí ti ń kú. Bí ó bá fi máa pé 60, ó ti kú tán.

Nítorí náà, ibi ìjàǹbá gan-an ni ìtọ́jú ti ń bẹ̀rẹ̀. Di ibi funfun eyín náà mú, má fọwọ́ kan gbòǹgbò. Bí ó bá dọ̀tí, fi omi mímọ́ ṣàn án wéré, má fi nǹkan ha á. Tì í padà sí àyè rẹ̀, kí ẹni náà sì rọra gé áńkáṣíìfù jẹ. Bí kò bá ṣeé tì padà, fi í sínú mílíìkì tútù tí kò ní ṣúgà. Má fi í pamọ́ sínú omi, má sì fi bébà wé e.

Oníṣègùn yóò so ó mọ́ àwọn eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ eyín ọmọdé tí kò tíì pààrọ̀ ni, má tì í padà rárá, kí ó má baà ṣèpalára fún eyín àgbà tó ń bọ̀ lábẹ́ rẹ̀.